Bí a ṣe ń bá ẹni tó gba ipò tí àwa náà ń retí yọ̀, láìsí àgàbàgebè

"Okun o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ Kẹ́mísìrì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yàgbà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń retí ipò faìsì pirinsípà. Mo fi ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, mo sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Lọ́jọ́ Ajé, òun ni wọ́n mú lẹ́tà wá fún. Títí di alẹ́ òní Ọjọ́rú, n kò tíì kí i. Bí mo bá ní kí n lọ, ọ̀nà ọ̀fun mi á gbẹ. N kò fẹ́ ṣe àgàbàgebè, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rẹ́ wa bàjẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣe àjọyọ̀ kékeré fún un lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí èmi sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà yàrá olùkọ́. Kí ni kí n sọ tí yóò ti inú mi wá?"

Okun o, olùkọ́. Ẹ kú ọ̀rọ̀ náà. Àgàbàgebè ni kí ẹnu máa sọ ohun tí inú mọ̀ pé irọ́ ni. Kì í ṣe àgàbàgebè kí inú máa dunni kí ẹnu sì máa sọ òótọ́ mìíràn tó wà nínú inú kan náà. Àwọn méjèèjì lè jọ máa gbé níbẹ̀: ó dùn yín pé ẹ kò rí ipò náà, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín mọ iṣẹ́. Ẹni tó bá ń dúró kí ìrora kọ́kọ́ tán pátápátá kó tó lọ kí ènìyàn lè dúró títí oṣù mẹ́ta, nígbà yẹn ìkíni ti di nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ tó wà níwájú yín kò ju pé kí ẹ wá ibi tó jẹ́ òótọ́ nínú inú yín, kí ẹ sọ ìyẹn nìkan, kí ẹ má fi ohunkóhun lé e.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ọ̀fun fi ń gbẹ, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi í ka ara wọn sí ènìyàn búburú. Ní ọdún 1988, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Abraham Tesser, ṣàlàyé pé nǹkan méjì ló ń pàdé kí àṣeyọrí ẹlòmíràn tó ta wá báyìí: kí ẹni náà sún mọ́ wa, kí ohun tó rí gbà sì jẹ́ ohun tí a fi ń mọ ara wa. Bí wọ́n bá fi ọ̀rẹ́ yín yìí kan náà ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ máa fi í yangàn káàkiri ọjà, nítorí orin kọ́ lẹ fi ń jẹun. Bí ó bá sì jẹ́ olùkọ́ kan tí ẹ kò mọ̀ rí láti Ìjùmú ni wọ́n gbé wá sípò náà, ẹ ó kùn díẹ̀, ẹ ó sì gbàgbé. Pé ọ̀rẹ́ ni, pé iṣẹ́ yín gan-an sì ni, ló mú kó rí bẹ́ẹ̀. Ìsúnmọ́ra yín ló ń ta yín, kì í ṣe ìkórìíra.

Èdè wa pàápàá ti ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀. "Ó wù mí" yàtọ̀ sí ìlara. Ẹni tó ní ó wu òun ń fẹ́ kí tirẹ̀ náà dé. Onílara ń fẹ́ kí ti ẹnìkejì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2009, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá mìíràn, Niels van de Ven, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, níbi tí èdè wọn náà ti ní ọ̀rọ̀ méjì fún un, ṣe ìwádìí nípa ìyàtọ̀ yìí. Èkíní a máa mú kí ènìyàn fẹ́ gòkè, èkejì a máa mú kó fẹ́ fa ẹnìkejì wálẹ̀. Ohun tó sì sábà ń ya àwọn méjèèjì ni bóyá ènìyàn gbà pé ipò náà tọ́ sí ẹni tó rí i gbà. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ilẹ̀kùn tí ìkíni yín yóò gbà jáde.

Ohun tó dí ilẹ̀kùn náà, bí mo ṣe rí i nínú lẹ́tà yín, ni ọdún mẹ́rin yẹn. Ẹ fi sí iwájú gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́ tó wà ní lẹ́fẹ̀lì 7 sí 14 gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ó kéré tán lórí lẹ́fẹ̀lì kan kí wọ́n tó lè gbé e lọ sí èyí tó kàn, ẹni tó wà ní 15 sókè yóò sì lo ọdún 4. Iye tó kéré jù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọdún tó pé máa ń mú ènìyàn wọ inú ìlà, kì í mú un dé iwájú ìlà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbéga lórí lẹ́fẹ̀lì àti ìyànsípò faìsì kì í ṣe ohun kan náà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Àyè kan ni ti faìsì, ẹnì kan ni yóò jókòó síbẹ̀, àwọn tó yàn sì lè wo ọjọ́ iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọdọọdún, tàbí irú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́fẹ̀lì yín wà níbi tó wà. Ọdún mẹ́rin yín náà kò sọnù. Ohun tó sọnù ni àyè kan tí ẹ ń retí, ìyẹn sì tó ohun tí ó yẹ kó dunni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọ nínú ara yín pé "ó gba tèmi", ìkíni kankan kò ní jáde láìkorò, nítorí ẹni tí a rò pé ó mú ohun ìní wa, a kì í bá a yọ̀.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ mú bébà kan kí ẹ fi ìlà kan pín in sí méjì. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tó dùn yín, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ gan-an. "Inú mi kò dùn" kò tó. Ṣé owó ni? Ṣé bí àwọn ọmọ yóò ṣe máa pe àbúrò yín ní Faìsì ni? Ṣé pé òun ni yóò máa buwọ́ lu ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ yín ni? Àbí pé ọkọ yín àti àwọn ará ilé ti ń pè yín ní Faìsì kí lẹ́tà tó dé? Èyí tó kẹ́yìn yìí pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbà lọ, ó sì dára kí a mọ̀ ọ́n, nítorí ìtìjú nílé ni, kò ní ọwọ́ ọ̀rẹ́ yín nínú rárá. Ní apá kejì, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta tí ẹ fi ojú ara yín rí tí ọ̀rẹ́ yín ṣe dáadáa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ ìwà lásán bí "ó ní sùúrù". Ẹ kọ ọjọ́ kan, ibì kan, ohun kan tó ṣe. Bí ẹ bá jókòó tó ogún ìṣẹ́jú tí ẹ kò rí mẹ́ta, ẹ mú méjì. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan péré, ẹyọ kan tó.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí olùkọ́ kankan ní Yàgbà kò ní ṣàìmọ̀. Àkókò ìforúkọsílẹ̀ Wáẹ́ẹ̀kì, àwọn ọmọ tò síta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀, ẹ̀rọ tó ń ka ìtẹ̀ka kò sì gba ìka ọmọ kan wọlé nítorí iṣẹ́ oko ti fọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ ti ń lọ sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ yín ní kí wọ́n bu omi gbígbóná wá, ó ní kí ọmọ náà fọ ọwọ́, kó nù ún gbẹ, kó tún un tẹ̀, wọ́n ṣe é títí ó fi wọlé, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ọmọ tó kẹ́yìn fi parí nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ kò nílò láti fi agbára mú ara yín gbà pé ó lè ṣe iṣẹ́ faìsì. Ẹ ti rí i tó ń ṣe é. Irú nǹkan báyìí ni mo ní kí ẹ kọ. Ìrántí tó ní ojú, ọwọ́ àti omi gbígbóná nínú, ọkàn kì í lè pè é ní irọ́, kódà nígbà tí inú ṣì ń ta.

Ọ̀la Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ kí i, kí ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ mẹ́ta ṣì kéré, àmọ́ bí ó bá jẹ́ ojú gbogbo ènìyàn ni ẹ ti kọ́kọ́ kí i, yóò mọ̀ pé àpèjọ ló gbé yín wá. Ilé ẹ̀kọ́ yín kò tóbi, ìlú náà kò tóbi. Ẹ lè pàdé ní ọjà ìlú, tàbí níbi òkú ẹnì kan lópin ọ̀sẹ̀, níbi tí ẹ̀yin méjèèjì yóò ti máa wá ibi tí ẹ ó gbójú sí. Ẹ yan ibi tí ẹ̀yin méjì nìkan yóò wà: kí aago àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn iṣẹ́, ní ẹ̀bá láàbù tàbí lábẹ́ igi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí. Kì í ṣe ọ́fíìsì tuntun náà ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí àga náà yóò gba ojú yín. Kì í sì í ṣe lórí fóònù, bí ẹ ṣe jọ ń rí ara yín lójoojúmọ́ yìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Bí ó bá ti ju mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí ẹ kò múra fún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kúrú. "Mo pẹ́ kí n tó wá, má bínú. Kú oríire. Lọ́jọ́ tí ìka ọmọ yẹn kò wọlé, tí gbogbo wa fẹ́ máa lọ, mo rí ohun tí o ṣe. Ẹni tó ṣe ìyẹn, yóò lè di ibẹ̀ mú." Ẹ dúró níbẹ̀. "Kú oríire" dára, ṣùgbọ́n ohun gbogbo la ń fi kí: ẹni tó ra mọ́tò, ẹni tí ọmọ rẹ̀ jáde ní yunifásítì. Tó bá dá wà, ẹni tó ń retí nǹkan lọ́dọ̀ yín kò ní mọ̀ bóyá ẹ fi kí òun ni tàbí ẹ fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ohun tí ẹ rí, tí ẹ fi tẹ̀ lé e, ló ń sọ fún un pé ẹ rò ó kí ẹ tó wá. Nípa pípẹ́ tí ẹ pẹ́, ẹ má pa irọ́ pé ara yín kò yá. Ó mọ̀.

Ṣé kí ẹ sọ fún un pé ó dùn yín? Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Bí ó bá jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ lásán, èmi kò ní ní kí ẹ sọ ọ́. Ẹ ó kàn gbé ẹrù tiyín lé e lórí lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní ọ̀rẹ́ ni, ó sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń retí. Bí ẹ bá ṣe bí ẹni pé ipò náà kò wù yín rí, ibẹ̀ ni irọ́ ti wọlé, òun náà yóò sì máa rọra rìn láàárín yín bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Gbólóhùn kan ni mo lè gbà yín láyè: "Èmi náà fẹ́ ẹ, o sì mọ̀. Ó dùn mí díẹ̀, yóò kọjá, kì í ṣe sí ọ." Kò gbọ́dọ̀ di méjì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tù yín nínú, tó ń ní òun kò mọ̀ pé òun ni wọ́n máa mú, ẹ rọra dá a dúró: "Rárá, tìrẹ la ń sọ." Ìgbà tí ẹni tó gba ipò bá ń rawọ́ ẹ̀bẹ̀ sí ẹni tó wá kí i, ìkíni ti yí padà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní yẹ̀, ẹ múra sílẹ̀ fún un. Yóò sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Tiyín náà á dé o." Àdúrà ni, kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, ṣùgbọ́n yóò gún yín ju gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù lọ, nítorí àbúrò ló ń ṣàdúrà ìgbéga fún ẹ̀gbọ́n. "Àmín" ni ìdáhùn rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn. Ẹ má fi "ó ti dé, wọ́n kàn gbé e gba ọ̀nà mìíràn ni" kún un, kódà kí ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

Ní ti pípè é, èyí ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nílẹ̀ wa. Ẹ ti ń pè é ní "ìwọ" láti ìgbà yìí wá. Ní kọ̀rọ̀, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá kí i lọ́la tí ẹ ṣàdédé ń sọ fún un pé "ẹ kú oríire, ẹ̀yin Faìsì", ohun tí yóò gbọ́ ni pé ẹ ti kó ẹrù yín kúrò nínú ọ̀rẹ́ náà. Ọ̀wọ̀ òjijì láti ẹnu àgbà a máa dùn bí èébú. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọmọ, ní ìpàdé olùkọ́, àti níwájú òbí tó bá wá sí ilé ẹ̀kọ́, "ẹ" ni, "Faìsì" sì ni orúkọ rẹ̀, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ lè sọ ìyẹn fún un lọ́la bí ẹ bá fẹ́, ní gbólóhùn kan: "Níwájú àwọn ọmọ, Faìsì ni màá máa pè ọ́." Ẹ̀bùn ńlá ni fún un, nítorí òun náà ti ń ronú bí yóò ṣe máa bá yín sọ̀rọ̀, kò sì ní lè béèrè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí i, ẹ bi í ní ìbéèrè kan, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ọ. "Kí ni wọ́n ní kí o kọ́kọ́ mú?" tàbí "Kí ni ìwọ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀?" Onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan, Shelly Gable, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2004 lórí bí ènìyàn ṣe ń dáhùn nígbà tí ẹnìkejì bá mú ìròyìn ayọ̀ wá. Láàárín àwọn tó ń fẹ́ra àti tọkọtaya ni wọ́n ti ṣe é, nítorí náà ẹ má gbé e kọjá àyè rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìdáhùn tó gba ayọ̀ náà wọlé pẹ̀lú ìtara ló ń bá àjọṣe tó dán mọ́rán rìn. "Ó dáa" tí a fi ẹnu lásán sọ kò ṣe bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ burúkú kan nínú rẹ̀. Ìbéèrè wúlò fún ẹni tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn ún ju ìyìn lọ, nítorí ìyìn ń béèrè pé kí ẹ mú ìtara wá láti inú ara yín, àmọ́ bí ẹ bá béèrè, òun ni yóò mú un wá, ẹ̀yin ó kàn gbọ́. Ẹ má fún un ní ìmọ̀ràn o. Ìmọ̀ràn láti ẹnu ẹni tó jọ dù ú, kódà bí ó bá jẹ́ òótọ́, "ǹ bá ti ṣe é dáadáa jù" ni yóò máa dún.

Àwọn ìkíni kan wà tó dà bí àdúrà tàbí àwàdà, tí májèlé sì wà nínú wọn tí ó bá ti ẹnu ẹni tó wà nípò yín jáde. "Ọlọ́run ló mọ ẹni tó yàn" dára lẹ́nu ẹlòmíràn. Lẹ́nu yín, ó ń sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́. "Ẹni tó ní ènìyàn lókè ti dé" jẹ́ ẹ̀sùn tó wọ aṣọ ẹ̀rín. "Má gbàgbé wa o" sọ yín di alágbe níwájú ẹni tí ẹ kọ́ niṣẹ́. "Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe taimu-tébù" lè jẹ́ òtítọ́ pọ́nbélé, ṣùgbọ́n ara yín lẹ ń kí. Ẹ ṣọ́ra fún àsọjù náà. Ẹni tó bá pariwo ju gbogbo ènìyàn lọ, tó fò mọ́ ọn, tó ń kọrin, ojú ni gbogbo yàrá yóò máa fi wò ó. Ẹ lè dá àsọjù mọ̀ lára ara yín: bí ọ̀rọ̀ bá ti ń jáde tí ẹ kò lè sọ ibi tí ẹ ti rí ohun tí ẹ ń sọ, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì wá rọrùn, bí ẹ bá ti kí i lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ẹ mú bébà náà dání kódà bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n sórí, nítorí ọwọ́ tó di nǹkan mú kì í gbọ̀n púpọ̀. Ẹ kí pirinsípà, ẹ kí àwọn olùkọ́, ẹ pè é ní orúkọ ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lè sọ pé: "Faìsì wa, ẹ kú oríire. Ọ̀pọ̀ nínú wa wà níbí lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ Wáẹ́ẹ̀kì, a sì mọ ẹni tó dúró ti àwọn ọmọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Yàrá olùkọ́ yóò dúró tì yín. Ní tèmi, àkọsílẹ̀ ohun èlò láàbù yóò dé orí tábìlì yín ní ọjọ́ Ajé." Kí ẹ sì jókòó. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó sọ fún un, ó sì sọ fún gbogbo àwọn tó ń wo ojú yín, pé ẹ óò ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, láìlo ọ̀rọ̀ ìtẹríba kankan. Kí ẹ rí i pé ó dé tábìlì náà lọ́jọ́ Ajé lóòótọ́ o. Ní ti owó ìdáwó, iye tí gbogbo ènìyàn dá ni kí ẹ dá. Ẹ má fi kún un láti fi bo ojú, ẹ má sì dín in kù.

Bí ẹ bá jí ní ọjọ́ Ẹtì tí ẹ mọ̀ pé omijé yóò gbà yín, ẹ lọ bá pirinsípà ní kùtùkùtù kí ó fún ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ náà sọ, kí ẹ sì wà níjókòó. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìkíni ti Ọjọ́bọ̀ ni ìkíni. Ti ọjọ́ Ẹtì, ètò ilé ẹ̀kọ́ ni. Kí ẹ má ṣe gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà kí ẹ wá pòórá nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ yín, ìyẹn ni wọn yóò máa sọ di ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn kan yóò wá bá yín ní ìkọ̀kọ̀. Wọn yóò ní wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹnì kan yóò pa òwe fún yín pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe náà dùn létí ní irú àkókò yìí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń pa á ń fẹ́ tù yín nínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà á wọlé, ẹ ti gbà pé ìdíje wà láàárín yín títí láé, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sì sọ lésì yóò dé etí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ ní ìdáhùn kan ṣoṣo fún gbogbo wọn: "Mo ti lọ kí i. Ó mọ iṣẹ́." Kí ẹ bi wọ́n léèrè ìdánwò SS2. Bí ẹ bá sọ gbólóhùn kan náà fún ẹni mẹ́ta, ẹni kẹrin kò ní wá mọ́.

Mo ní láti sọ ibi tí ìmọ̀ràn yìí mọ. Ọ̀rẹ́ ni ẹ pè é, ẹ kò sì sọ pé ó gba ẹ̀yìn gba ipò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ní ẹ̀rí, kì í ṣe ìfura, pé owó tàbí irọ́ ló gbé e débẹ̀, ẹ má sọ pé ipò náà tọ́ sí i. Ẹ lè fi "kú oríire" tó ní ìwọ̀n kí i bí ọmọlúàbí, kí ẹ sì gba ọ̀nà ìwé lọ fi ẹjọ́ sùn ní ibi tó yẹ. Kí a kí ènìyàn kò túmọ̀ sí pé a ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ wa. Bí kò bá sí ẹ̀rí, tí ẹ kàn fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi mú yín, ìyẹn náà tọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ wá lọ bá pirinsípà, tàbí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ tó ń ṣàkóso yín, pẹ̀lú ìbéèrè nípa fáìlì yín nìkan: ṣé ó pé, ṣé fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdọọdún kan wà tí kò sí níbẹ̀, ṣé ìwé ẹ̀rí yín tó kẹ́yìn ti wọ inú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ọdún kan tó sọnù kì í ṣe ohun àjèjì, kò sì sí ẹni tí yóò wá sọ fún yín bí ẹ kò bá béèrè. Orúkọ ọ̀rẹ́ yín kò gbọ́dọ̀ ti ẹnu yín jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà ní ọ́fíìsì náà.

Bí ó bá sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ẹ kò fẹ́ dé kíláàsì mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìkíni, ẹ lọ rí dókítà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹ ó ti mọ̀ pé ìkíni yín dénú ni ìgbà àkọ́kọ́ tó bá da ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ yín padà pé kí ẹ tún un ṣe. Yóò dun yín. Ẹ mú un lọ sílé, ẹ sùn lé e lórí, ẹ tún ibi tó tọ́ láti tún ṣe. Bí ibì kan bá wà tí ẹ rò pé ó ṣìṣe, ẹ lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì pè é ní "ìwọ".